Bàtà iléèwé, ₦120,000, àti bọ́tìnì tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀: ìpolówó àkọ́kọ́ ṣọ́ọ̀bù kan ní Mọ́kọ́lá

Ṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí wà ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Bàtà iléèwé, báàgì, sọ́kìsì àti ike omi àwọn ọmọdé ni mummy tó ni ín ń tà. Ẹni tó bá ń ta irú ọjà yìí mọ̀ pé ìparí oṣù kẹjọ sí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹsàn-án ni gbogbo ẹ̀, tí bàtà bá fi lè sùn sí ṣọ́ọ̀bù kọjá ìgbà táwọn ọmọ wọlé, ó di oṣù kìíní kẹ́nikẹ́ni tó tún bèèrè ẹ̀ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí mummy fi ya ₦120,000 sọ́tọ̀ lọ́dún tó kọjá pé àwọn máa ṣe ìpolówó lórí Fesibúùkù àti Ínsítágíráàmù, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ṣe é nìyẹn, tẹ́lẹ̀ sítétọ́ọ̀sì Wásáàpù nìkan ni wọ́n ń gbé ọjà sí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní Poli ló bá wọn bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa pè mí, ọjọ́ kẹjọ ti kọjá, ₦28,000 ti lọ. Mummy ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá wò ó fún mi, ọmọ yìí ní èèyàn ń wọlé, èmi ò rí ẹnì kankan." Àwọn méjèèjì ò sì parọ́, èèyàn ń wọlé lóòótọ́, kò sì sẹ́ni tó ń rà.

Mo ní kí bọ̀bọ́ yẹn ṣí Ads Manager, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ìpolówó Fesibúùkù àti Ínsítágíráàmù, kó fi gbogbo ohun tó ṣe hàn mí látìbẹ̀rẹ̀. Téèyàn bá fẹ́ ṣí ìpolówó tuntun níbẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi í ni kó yan ọ̀kan nínú mẹ́fà: Awareness, Traffic, Engagement, Leads, App promotion, Sales. Ó ní òun rí Sales, òun sì rò ó pé ọjà la kúkú fẹ́ tà, òun bá tẹ̀ ẹ́. Ó fi ₦4,000 sí i lójúmọ́, ó darí ẹ̀ sí wẹ́bsáìtì kékeré tó fúnra ẹ̀ kọ́ fún ṣọ́ọ̀bù náà. Ọjọ́ mẹ́rin, ₦16,000, ó fi hàn pé èèyàn kan ṣoṣo ló rà. Ẹ̀rù bà á, ló bá pa á, ó ṣí Traffic, ₦3,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin míì, ₦12,000 nìyẹn. Ìyẹn wá kún fún nọ́ńbà tó dùn ún wò, 412 ló ti kílíìkì. Ẹnì kankan ò rà. Ìgbà yẹn ni ọ̀rẹ́ mummy kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wá gbà wọ́n nímọ̀ràn pé Awareness ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, kí àdúgbò mọ̀ wọ́n ná kí wọ́n tó máa retí owó.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo sọ fún wọn nípa bọ́tìnì yẹn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ka orúkọ yẹn bí àdúrà, wọ́n á tẹ Sales kí ọjà lè tà. Àmọ́ iṣẹ́ lèèyàn ń rán ẹ̀rọ Fesibúùkù tó ń pín ìpolówó, ó ń sọ fún un irú èèyàn tó máa lọ wá, iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá sì rán an náà ló máa jẹ́, kò ní fi ohunkóhun kún un. Fesibúùkù ti ń wo ọwọ́ wa tipẹ́, ó mọ ẹni tó jẹ́ pé gbogbo nǹkan tó bá rí ló máa ń kílíìkì, ó mọ ẹni tó máa ń rajà, ó mọ ẹni tó kàn máa ń wò tó ń kọjá lọ. Tẹ́ ẹ bá ní Awareness, á lọ fi han èèyàn tó pọ̀ jù tí owó yín lè ká, ohun tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn náà ò kàn án. Tẹ́ ẹ bá ní Traffic, á lọ kó àwọn tí ọwọ́ wọn yá láti kílíìkì, torí kílíìkì lẹ bèèrè, ẹ ò bèèrè owó. Tẹ́ ẹ bá wá ní Sales, á gbìyànjú láti wá àwọn tó ń rà, ṣùgbọ́n kó tó lè mọ irú wọn, ó gbọ́dọ̀ ti rí àwọn kan tó rà lọ́wọ́ yín, kó máa fi wọ́n wá àwọn tó jọ wọ́n.

Ibi tí Sales ti já wọn kulẹ̀ nìyẹn. Wẹ́bsáìtì yẹn ní Pixel lóòótọ́, ìyẹn kóòdù kékeré tó ń ròyìn fún Fesibúùkù ohun táwọn èèyàn ń ṣe lórí péèjì. Mo ní ká wo Events Manager, ibi tí ìròyìn Pixel ń jáde sí, ká wo iye ìgbà tí Purchase, ìyẹn ìròyìn pé ẹnì kan rajà, ti wọlé látìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Lẹ́yìn náà la wá rí i pé ẹyọ kan tí ìpolówó yẹn ní òun tà, bọ̀bọ́ fúnra ẹ̀ ni, ó kílíìkì ìpolówó náà lórí fóònù ẹ̀ láti wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ra nǹkan títí dópin kó lè mọ̀. Kò ṣe é láti tan ẹnikẹ́ni jẹ, ó gbàgbé ni. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé ₦16,000 yẹn ò mú kọ́sítọ́mà kankan wá.

Ìṣirò kan wà tó yẹ kéèyàn ṣe kó tó tẹ Sales rárá, kò sì gba ju ìṣẹ́jú kan lọ. Meta tó ni Fesibúùkù fúnra wọn sọ ọ́ pé ìpolówó kan máa ń nílò nǹkan bí 50 àbájáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan kó tó jáde nínú ìgbà ìkẹ́kọ̀ọ́, ìyẹn ohun tó máa ń kọ Learning síwájú ìpolówó yẹn. Tí kò bá dé bẹ̀, á di Learning limited, á wá máa náwó bí ẹni tó ń táràrà. ₦4,000 lójúmọ́ jẹ́ ₦28,000 lọ́sẹ̀. Ẹ pín in sí 50, ₦560 ni. Ṣé ẹnì kan wà tó máa ra bàtà ọmọ lórí wẹ́bsáìtì tí ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, tí ìpolówó tó mú un wá á jẹ́ ₦560? Kò lè ṣẹlẹ̀. Ká tiẹ̀ ní ₦4,000 ló ń mú olùrà kan wá, ₦200,000 ni mummy máa ná lọ́sẹ̀ kan kí ẹ̀rọ yẹn tó rí 50. Owó tí wọ́n ní ò tó ohun tí wọ́n bèèrè, kò sí fọ́tò tó máa tún ìyẹn ṣe.

Ti Traffic wá yàtọ̀, ìyẹn ò jẹ́ kí wọ́n tètè mọ̀, torí nọ́ńbà ẹ̀ máa ń tuni nínú. Nínú 412 tó kílíìkì, 97 péré ni péèjì ṣí fún. Nọ́ńbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn lórí Ads Manager, Link clicks àti Landing page views, ẹ má fi ìkínní nìkan ṣèdájọ́ o. Ibo làwọn 315 yòókù lọ? Mo ṣí Breakdown, mo yan Placement, mo rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú kílíìkì yẹn wá láti Audience Network, ìyẹn inú géèmù àti áàpù àwọn ẹlòmíì níbi tí ìpolówó ti máa ń já lu èèyàn, ọmọdé tó ń fi fóònù ìyá ẹ̀ ṣeré á fọwọ́ kàn án, á tún jáde. Ó rọ̀ lówó, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi lọ kó o wá. Àwọn tó wá kílíìkì tọkàntọkàn náà, wẹ́bsáìtì yẹn lé wọn padà. Mo pa wáì-fáì fóònù mi, mo fi détà ṣí i níwájú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, mo ń kà á sókè, mo ka 14 kí bàtà àkọ́kọ́ tó yọjú. Fọ́tò kọ̀ọ̀kan tóbi gan-an, bí kámẹ́rà ṣe gbé e ló ṣe gbé e síbẹ̀. Ta ló máa jókòó ti ìyẹn?

Tó bá jẹ́ pé Traffic náà lẹ fẹ́ ṣe ṣá, ẹ yí Performance goal ẹ̀, ìyẹn ohun tẹ́ ẹ ní kí ẹ̀rọ máa lé, kúrò ní Link clicks sí Landing page views, kẹ́ ẹ sì yọ Audience Network. Á wọ́n díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n á jẹ́ pé ẹni tó dé péèjì lóòótọ́ lẹ ń sanwó fún. Mo sọ èyí fún bọ̀bọ́ yẹn, inú ẹ̀ dùn, ó fẹ́ lọ ṣe é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ní kó dúró ná.

Mo ní kí mummy mú ìwé tí wọ́n ń kọ ọjà sí wá. Ìwé onílà, wọ́n ti fi rọ́bà dì í pọ̀ torí ẹ̀yìn ẹ̀ ti ya. A ka oṣù keje látòkè délẹ̀, àwọn tí ò wá sí ṣọ́ọ̀bù fúnra wọn, tí wọ́n gbé ọjà ránṣẹ́ sí, jẹ́ 40. Mo bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé báwo lẹni yìí ṣe rà á. "Ìyẹn pè mí lórí Wásáàpù." "Ìyẹn rí i lórí sítétọ́ọ̀sì." "Ìyẹn ní kí n ya fọ́tò ẹsẹ̀ bàtà yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà kó lè mọ̀ bóyá á gba ọmọ òun." Nígbà tá a parí, 36 ló gba Wásáàpù, 4 gba wẹ́bsáìtì, méjì nínú mẹ́rin yẹn sì jẹ́ ẹbí. Kò yà mí lẹ́nu. Bàtà ọmọdé ni, ìyá ọmọ fẹ́ bèèrè sáìsì, ó fẹ́ dúnàá-dúrà, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa wébíìlì ẹ̀ sí Ọ̀ṣogbo lónìí, lẹ́yìn náà lá ṣe tiransifáà. Kò sí èyí tí wẹ́bsáìtì yẹn lè dáhùn níbẹ̀.

Nítorí náà, ibi tí títà ti ń ṣẹlẹ̀ la gbọ́dọ̀ darí ìpolówó sí, ohun tá a sì máa bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ₦28,000 lè ra 50 ẹ̀ lọ́sẹ̀ kan. Ìbéèrè méjì yẹn náà ni mo fi yàn án. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí Wásáàpù, ká ní ₦400 ló máa jẹ́, ₦28,000 á mú 70 wá, ó ti kọjá 50. Mo yan Engagement, mo darí ẹ̀ sí Wásáàpù, mo fi Performance goal sí Maximize number of conversations. Bọ̀bọ́ yẹn ní ṣé kì í ṣe pé a ti sá fún títà nìyẹn. Mo ní rárá, òǹtàjà tó ń fẹnu tajà, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ gan-an ni ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ á mú èèyàn dé ẹnu ọ̀nà, àwa la máa mú wọn wọlé. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ó tún yọjú níwájú.

A lo fídíò ìṣẹ́jú-àáyá 20 tí mummy fúnra wọn di bàtà mú, tí wọ́n ń tẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀ kó tẹ̀, kí wọ́n rí i pé kò le koko. A yan Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀ṣogbo, torí ibi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ páàkì ránṣẹ́ sí tẹ́lẹ̀ nìyẹn. ₦4,000 lójúmọ́.

Ọjọ́ kìíní, èèyàn 11 kọ̀wé sí wa, mummy sì wà ní Gbági, wọ́n lọ kó ọjà. Ọmọbìnrin tó ń bá wọn tajà ò mọ pásíwọ́ọ̀dù fóònù. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó dá ẹnì kìíní lóhùn, ẹni yẹn ti rà níbòmíì. Ọjọ́ kejì la fi fóònù sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá máa ṣe irú ìpolówó yìí, tí ẹ ò sì ní ẹni tó máa dáhùn láàárín wákàtí kan, ẹ fi Ad schedule sí aago tẹ́ ẹ wà nídìí fóònù. Ìyẹn lè gba kẹ́ ẹ lo Lifetime budget dípò owó ojoojúmọ́.

Mo tún sọ fún ọmọbìnrin yẹn kó fa ìlà mẹ́ta sínú ìwé onílà yẹn: ẹni tó kọ̀wé, ẹni tó dárúkọ sáìsì, ẹni tó sanwó. Ads Manager ò lè rí ìkejì àti ìkẹta, ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni ojú ẹ̀ mọ.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kìíní, 68 ló kọ̀wé. ₦412 lẹ́nì kan. Lójú Ads Manager, ìpolówó tó dáa gan-an ni, Learning ti kúrò lójú ẹ̀. Àmọ́ nínú ìwé onílà, ẹni mẹ́sàn-án péré ló sanwó. Ẹ pín ₦28,000 sí mẹ́sàn-án, ó lé ní ₦3,100 tí ìpolówó jẹ lórí olùrà kan. Èrè mummy lórí olùrà kan, torí ọ̀pọ̀ wọn máa ń ra bàtà pẹ̀lú báàgì, tó ₦4,500 ní ìpíndọ́gba. Ó ṣẹ́ kù díẹ̀, kò tó nǹkan, VAT 7.5% tí wọ́n máa ń fi lé owó ìpolówó ò tíì sí níbẹ̀.

Mo jókòó, mo ka àwọn ọ̀rọ̀ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn rí báyìí: "Ẹ káàsán ma, èló ni?" Wọ́n á dá a lóhùn. Á dákẹ́. Àwọn tó ń wá bàtà olówó pọ́ọ́kú ni, a ò sì kọ iye sórí ìpolówó, wọ́n gbọ́dọ̀ bèèrè kí wọ́n tó mọ̀. Ìbéèrè yẹn ni ẹ̀rọ ń kà sí àṣeyọrí, ó wá ń lọ kó irú wọn wá sí i. Ohun tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ la bèèrè, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ló ń fún wa.

Ọ̀sẹ̀ kejì a yí nǹkan méjì padà. A kọ iye owó àti sáìsì tó wà gàdàgbà sójú fídíò yẹn látìbẹ̀rẹ̀, a sì yí ọ̀rọ̀ ìkíni tó máa ń jáde lórí Wásáàpù sí: "Ẹ kú àbọ̀. Sáìsì wo lọmọ ń wọ̀, ìlú wo lẹ sì wà?" Lẹ́ẹ̀kan náà la ṣe méjèèjì, lálẹ́ ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ parí, torí irú àyípadà báyìí lára ìpolówó máa ń dá ìkẹ́kọ̀ọ́ yẹn padà síbẹ̀rẹ̀. Bọ̀bọ́ yẹn ti ń yí tiẹ̀ padà lójoojúmọ́ nígbà tó ń ṣe Traffic, àárọ̀ fọ́tò, ìrọ̀lẹ́ ọ̀rọ̀, kò fún un láyè láti kọ́ ohunkóhun.

Àwọn tó kọ̀wé dín kù sí 51. Iye tó ń mú ẹnì kan wá gbéra láti ₦412 dé ₦549. Bọ̀bọ́ pè mí lọ́jọ́ kẹrin, ohùn ẹ̀ ò dáa, ó ní ẹ̀gbọ́n ó ti ń wọ́n sí i, ẹ jẹ́ ká dá ti àkọ́kọ́ padà. Mo ní kó ka ìlà kẹta nínú ìwé fún mi. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yẹn parí, 14 ló sanwó. ₦28,000 sí 14, ₦2,000 lórí olùrà kan, VAT fi ₦150 kún un. Ohun tí Ads Manager kà sí ọ̀wọ́n ló mú kí títà rọ̀ lówó sí i. Tí ìwé onílà yẹn ò bá sí níbẹ̀, à bá ti dá fídíò tí a ò kọ iye owó sí padà, inú wa á sì máa dùn.

Ní ti Awareness, mi ò kọ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mummy yẹn dànù pátápátá, torí ṣọ́ọ̀bù yẹn wà níbi táwọn òbí ń gbà lọ sí iléèwé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì yẹn a ya ₦8,000 sọ́tọ̀, a fi pín-ìnnì sórí Mọ́kọ́lá, kìlómítà méjì yípo ẹ̀, fọ́tò iwájú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ọ̀nà tí wọ́n máa gbà dé ibẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn ń bi ẹni tó bá wọlé pé níbo lẹ ti gbọ́ nípa wa. Ẹni márùn-ún ní àwọn rí i lórí fóònù. Ṣùgbọ́n nígbà tá a ní kí wọ́n fi èyí tí wọ́n rí hàn wá, méjì nínú wọn fi fídíò Wásáàpù yẹn hàn wá. Mẹ́ta ló kù, mi ò sì lè búra fún mẹ́ta yẹn. Bí Awareness ṣe rí nìyẹn fún ṣọ́ọ̀bù kékeré, ó lè máa ṣiṣẹ́, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa fi ọwọ́ kan ohun tó ṣe, nítorí ẹ̀ ni mi ò ṣe fẹ́ kí owó àkọ́kọ́ ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀. Owó tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ọjà ti ń lọ ni mo máa ń fi ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ọjọ́ mẹ́rin péré la ṣe é. Sáìsì 30 sí 33 tán nílẹ̀, ìyẹn sáìsì táwọn ọmọ pírámárì ń wọ̀ jù, ìpolówó sì ń mú àwọn tó ń bèèrè ẹ̀ wá ṣáá, ọmọbìnrin yẹn ń sọ "ó ti tán ma" látàárọ̀ dalẹ́. Mo ní ká pa á. Mummy fẹ́ kó máa lọ, wọ́n ní owó ṣì wà níbẹ̀, nǹkan bíi ₦12,000 ká tó yọ VAT. Mo ní kí wọ́n fi ra bàtà.

Bọ̀bọ́ yẹn bi mí pé ìgbà wo ni Sales wá máa tó ṣe. Mo ní kó kọ́kọ́ dín àwọn fọ́tò yẹn kù kí péèjì ṣí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lórí détà, kó fi ọ̀nà ìsanwó tí ò ní da ìyá ọmọ láàmú síbẹ̀, kó sì fi Test events wò ó pé Purchase ò ń jáde àfi lórí péèjì tí wọ́n ti ń dúpẹ́ lẹ́yìn ìsanwó. Lẹ́yìn náà, kí ìyá ọmọ tó bá ti bá wa rà á rí máa fi ibẹ̀ rà á, láìsí ìpolówó. Nígbà tó bá rí i pé èèyàn bíi mẹ́wàá ń rà lọ́sẹ̀ fúnra wọn, kó pè mí.

Ohun tó kù lọ́wọ́ mummy ni nọ́ńbà gbogbo àwọn tó kọ̀wé yẹn. Ọmọbìnrin yẹn fi léébẹ́lì Wásáàpù Bísínẹ́ẹ̀sì pín wọn ní sáìsì-sáìsì, ó sì ń bẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan tó rà pé kí wọ́n jọ̀ọ́ fi nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù pamọ́ sórí fóònù wọn, torí ẹni tí ò bá fi nọ́ńbà yín pamọ́, bíródíkáàsì yín ò ní dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Àwọn tó wà lábẹ́ sáìsì 31, wọ́n ti kọ 32 síwájú orúkọ wọn de oṣù kìíní.